Ẹ Bá Mi Wo Ẹ̀yìn Mi

Ẹni tó bá ń ná ọjà dáadáa á ti rí i rí. Obìnrin oníṣòwò kan á dìde lórí àpótí tó fi jókòó, á fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ìró rẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì, á sì rẹ ohùn sílẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn mi.” Ẹ̀gbọ́n á wò ó, á mi orí pé kò sí nǹkan kan. Nígbà mìíràn, á bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀, á sì wé e mọ́ ọn nídìí kí ọkùnrin tó ń bọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò ní bèèrè nǹkan kan. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé oṣooṣù ni. Láti ọjọ́ kejì nǹkan oṣù wọn ni wọ́n ti ń lo páàdì méjì léra wọn. Wọ́n á tẹ́ ọ̀rá sórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó tẹ́ aṣọ lé e, wọ́n á sì fi fóònù dá àkókò tí wọ́n á jí lóru láti pààrọ̀. Ìró dúdú tàbí àdìrẹ tó rẹ aró dáadáa ni wọ́n á máa ró lọ́sẹ̀ náà. Bí wọ́n bá pè wọ́n sí òde, ọjọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ kà kí wọ́n tó dáhùn. Wọn ò ní wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìlọrin, torí awakọ̀ ò ní dúró lójú ọ̀nà nítorí tiwọn. Ẹ̀jẹ̀ yìí ti di ohun tí wọ́n ń yẹra fún bí ẹni ń yẹra fún kòtò iwájú ilé rẹ̀, ó ti mọ́ wọn lára débi pé wọn ò kà á sí àìsàn mọ́. “Bí tèmi ṣe máa ń wá nìyẹn,” ni wọ́n á wí. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin bá wá bàlágà, tó ń sunkún pé ti òun pọ̀, wọ́n á fi sùúrù dá a lóhùn pé: “Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí. Tó o bá ti bímọ, á lọ.”

Gbólóhùn yẹn, “bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí”, ni ìwé ìròyìn yìí fẹ́ bá wí lónìí. Ìyá tó sọ ọ́ kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi ti ìyá rẹ̀ wọn tirẹ̀ ò lè mọ̀ bí ti ìyá náà bá ti pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyá náà ò sì lè mọ̀, torí ti ìyá tirẹ̀ lòun náà fi wọ̀n ọ́n.

Wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ yìí rí, wọ́n sì wọ̀n ọ́n dáadáa. Ní ìlú Göteborg lórílẹ̀-èdè Súwídìn, Leif Hallberg àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba páàdì tí obìnrin 476 lò nígbà nǹkan oṣù wọn, wọ́n fi omi kẹ́míkà fa ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì ṣírò iye tó jẹ́. Ọdún 1966 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lára ọ̀pọ̀ obìnrin láàárín oṣù kan kò ju nǹkan bíi 30 sí 40 mílílítà lọ, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́fà sí mẹ́jọ. Àárín àwọn tí tiwọn ju 80 mílílítà lọ ni wọ́n ti ń rí àìtó ẹ̀jẹ̀ lára jù. Lójú lásán, 80 mílílítà ò jọ nǹkan: ṣíbí tíì 16 ni, kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Èyí tó yẹ kó dùn wá jù nínú èsì náà ni pé bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tó ti kọjá 80 yẹn ló sọ pé tiwọn ò pọ̀, pé ó mọ níwọ̀n tàbí pé ó kéré. Àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn ò tó nǹkan, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó pọ̀ jù. Ojú ara ẹni kì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye fún ohun tó ti mọ́ni lára.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 80? Irin inú ẹ̀jẹ̀ ló fà á, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ méjì, irin bíi mílígíráàmù kan ló wà. Obìnrin tó bá dà 80 mílílítà nù ti pàdánù irin tó tó mílígíráàmù 40 lóṣù kan. Oúnjẹ tí ó ń jẹ ń fún un ní kìkì mílígíráàmù kan sí méjì lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ awọ ara àti ìfun rẹ̀ ń jẹ bíi ẹyọ kan nínú rẹ̀, yálà ó ń ṣe nǹkan oṣù tàbí kò ṣe. Ohun tó lè ṣẹ́ kù fún un lóṣù, bó bá ń jẹun dáadáa, kò ju nǹkan bí 30 lọ. Ẹni tó ń rí 30 gbà, tó sì ń ná 40, gbèsè ló ń jẹ. Ara kì í pariwo gbèsè yìí lójú ẹsẹ̀. Irin tó ti kó pamọ́ ló máa kọ́kọ́ ná tán, lákòókò tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ṣì ń sọ pé kò sí nǹkan. Obìnrin náà á kàn máa rí i pé àtẹ̀gùn tó ń gùn tẹ́lẹ̀ ti ń mú àyà òun lù kìkì, pé irun òun ń já sínú ìyàrí, pé yìnyín tàbí ẹfun ló ń wu òun jẹ ṣáá. Ìgbà tí irin ìpamọ́ bá tán pátápátá ni ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera àwọn ará ìlú ní 2018 fi hàn pé ju ìdajì àwọn obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 lọ ni ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó. Ibà àti oúnjẹ tí kò dára kún ohun tó fà á. Nǹkan oṣù náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀ kò pọ̀.

Kò sẹ́ni tó lè máa kó páàdì rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò lóṣooṣù. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ìwé ìṣirò kan jáde ní 1990, tí obìnrin lè fi ka tirẹ̀ nílé. Páàdì tó kàn ní àbàwọ́n díẹ̀ gba máàkì 1. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ gbà dé bíi ìdajì gba 5. Èyí tó rin gbingbin gba 20. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá jáde, èyí tó kéré gba 1, èyí tó tóbi gba 5. Kọ́ìnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ dídì náà, àmọ́ fún àwa níbí, ìdérí ìgò mínírà á ṣe é: èyí tó bá fẹ̀ tó o ti tóbi. Nígbà tí nǹkan oṣù bá parí, obìnrin á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bó bá ti tó 100, ẹ̀jẹ̀ náà ti pọ̀ jù.

Ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ: aránṣọ, ẹni ọdún 41, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta. Ẹ̀yìn ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀ sí ló ń fa ìlà tirẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kìíní, páàdì méjì tó ní àbàwọ́n díẹ̀ àti méjì tó dé ìdajì: 12. Ọjọ́ kejì le. Páàdì méje ló lò, márùn-ún nínú wọn rin gbingbin, méjì dé ìdajì, ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá méjì sì bọ́ sílẹ̀ nígbà tó dìde nídìí máṣíìnì: 120. Ìwé ìṣirò ti sọ tirẹ̀ kí ọjọ́ kejì tó parí. Ní ọjọ́ kẹta, mẹ́ta rin gbingbin, mẹ́ta dé ìdajì, ẹ̀jẹ̀ dídì kékeré kan: 76. Ọjọ́ kẹrin jẹ́ 16, ọjọ́ karùn-ún jẹ́ 2, ọjọ́ mẹ́ta tó kù sì jẹ́ 1, 1, 1. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 229 láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Bí ẹnì kan bá ti bi obìnrin yìí ní oṣù tó ṣáájú, ohun tí ì bá sọ ni pé, “Ó máa ń dà díẹ̀ lọ́jọ́ kejì.”

Ìwé ìṣirò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Páàdì àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe é, àwọn tòde òní tó ní gẹ́ẹ̀lì nínú sì lè gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ kó tó rin, nítorí náà ìṣirò lè kéré sí bó ṣe rí gan-an. Ẹni tó ń lo àkísà aṣọ kò lè kà á bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí owó páàdì kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fi ẹyọ kan dúró títí á fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Fún irú wọn, àmì mìíràn wà tó ṣeé gbára lé. Bí ohun tí obìnrin lò bá rin láàárín wákàtí kan sí méjì, tí èyí sì ń bá a lọ fún wákàtí mélòó kan, ó ti pọ̀ jù. Bí ó bá ní láti jí lóru láti pààrọ̀, tí méjì ni kó tó lò lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ̀jẹ̀ dídì tó tó ìdérí ìgò ń jáde, tàbí tí nǹkan oṣù ń kọjá ọjọ́ méje, ó ti pọ̀ jù. Àwọn dókítà òde òní pàápàá ti gbà pé kò pọn dandan kí wọ́n wọn mílílítà kankan. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń ká obìnrin mọ́lé, tó ń lé ọmọ kúrò ní kíláàsì, tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ, ti tó ohun tí a ń tọ́jú.

Kí ló ń fà á? Obìnrin kan ò lè dá ìyẹn mọ̀ látinú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tó wọ́pọ̀ ò pọ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ tí obìnrin bá sọ sì máa ń tọ́ka sí ibi tó yẹ kí dókítà wò. Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà tó mọṣẹ́ á ṣe ni pé kó yẹ oyún wò, kódà fún ẹni tó búra pé òun ò lóyún, torí oyún tó fẹ́ wálẹ̀ tàbí èyí tó dúró síta ilé ọmọ lè fi nǹkan oṣù bojú. Lẹ́yìn náà, á ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ti aránṣọ wa, ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní pí-sí-fí, jẹ́ 27. Ó yẹ kó tó 36.

Sikáànì sọ pé iju mẹ́ta ló wà lára ilé ọmọ rẹ̀. Iju, tí àwọn dókítà ń pè ní fáíbírọ́ọ̀dù, jẹ́ kókó ẹran ara tó ń hù lára ilé ọmọ, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀ lára àwọn obìnrin adúláwọ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003, kí obìnrin tó pé ọmọ 50 ọdún, ó ti hù lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àti lára àwọn aláwọ̀ funfun tó sún mọ́ 70. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Láàárín àwa, bí sikáànì bá ti rí iju, ìdààmú á bá gbogbo ilé, ohun tí wọ́n á sì máa bèèrè ni bó ṣe tóbi tó. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyí: níbo ló wà? Nínú mẹ́ta tó wà lára aránṣọ yìí, èyí tó tóbi jù tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, ẹ̀yìn ilé ọmọ ló sì so mọ́ sí. Kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Èkejì fi ara pamọ́ sínú ẹran ilé ọmọ. Ẹ̀kẹta kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, àmọ́ inú yàrá ilé ọmọ gan-an ló yọ orí sí, níbi tí awọ tó ń wó lóṣooṣù wà. Òun ló ń da ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i nínú, tí wọ́n gbé èyí tó tóbi kúrò, tí wọ́n fi kékeré yẹn sílẹ̀, ó lè ná owó, kó fara gba ọ̀bẹ, kí ìṣirò rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀ sì tún jẹ́ 200 ó lé. Irú iju inú yàrá yẹn, bí ó bá kéré, ojú ara ni wọ́n ń gbà yọ ọ́ láìla ikùn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tínínrín tó ní kámẹ́rà lórí.

Ti àwọn mìíràn yàtọ̀. Obìnrin tí inú rẹ̀ ń dùn ún gan-an pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, tí ilé ọmọ rẹ̀ sì wú, lè jẹ́ pé awọ inú ilé ọmọ ló hù wọ inú ẹran rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lúùpù onírin bàbà sílé ọmọ lè rí i kí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀ sí i, pàápàá láàárín oṣù bíi mẹ́fà àkọ́kọ́. Oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, tí àwọn alárùn ọkàn ń lò, lè fà á pẹ̀lú. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ò ní ọjọ́, tó lè lọ fún oṣù méjì kó wá ya wálẹ̀ bí omi odò, àìwálẹ̀ ẹyin ló sábà máa ń jẹ́: ẹyin ò jáde, nítorí náà awọ ilé ọmọ ń nípọn ṣáá láìsí ohun tó ń dá a dúró, títí á fi wó lulẹ̀ gìrìgìrì. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà àti obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún. Ara tó sanra jù tàbí ẹṣẹ́ ọrùn tó ń jẹ́ táírọ́ọ̀dì tí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ náà lè dá a sílẹ̀. Ní ti jẹjẹrẹ, kì í sábà jẹ́ òun lára àwọn ọ̀dọ́, àmọ́ obìnrin tó ti lé ní ọdún 45 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n mú díẹ̀ nínú awọ ilé ọmọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá fún ọdún kan gbáko, tó wá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìkán kan péré, kí ó má ṣe dúró de oṣù tó ń bọ̀.

Ọ̀kan tó kù ni wọn kì í sábà rò láàárín wa, òun ló sì mú wa padà sórí gbólóhùn ìyá àti ọmọ. Ní 1924, wọ́n gbé ọmọdébìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan láti erékùṣù Åland, tó wà láàárín Súwídìn àti Fínlándì, wá sọ́dọ̀ dókítà Erik von Willebrand ní ìlú Helsinki. Bó bá ṣèèṣì gé ara, ẹ̀jẹ̀ kì í dá. Àwọn kan nínú ọmọ ìyá rẹ̀ ti kú ikú ẹ̀jẹ̀. Willebrand tọ ìdílé náà wò láti ìran dé ìran, ó sì rí i pé ohun tó ń ṣe wọ́n yàtọ̀ sí àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mọ̀ nígbà yẹn, èyí tó jẹ́ pé ọkùnrin ló sábà máa ń mú. Èyí ń mú obìnrin pẹ̀lú. Ó kọ ọ́ jáde ní 1926, àrùn náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ọmọ náà dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó ṣe nǹkan oṣù ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ̀jẹ̀ náà ò sì dá mọ́. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àrùn yìí ni pé èròjà kan tó ń lẹ ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ kò tó, tàbí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ tó ní in, tiwọn ò le tó ti ọmọ Åland yẹn. Wọ́n á gbé ayé, wọ́n á ṣiṣẹ́, wọ́n á bímọ. Nǹkan oṣù ni yóò kàn máa pọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ti rí i. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan, bíi 13 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí nǹkan oṣù wọn pọ̀ jù ló ní in. Ìyá sì lè ti gbà á lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kó gbé e fún ọmọ. “Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí” ni ohun tó yẹ kó ta dókítà jí nígbà náà, àmọ́ òun gan-an ni a fi ń dá ọmọ padà sílé.

Ìbéèrè tí ń tú àrùn yìí fó kò náni ní kọ́bọ̀. Ṣé láti ìgbà àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ náà ti pọ̀? Ṣé imú ọmọ náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ? Nígbà tí wọ́n yọ eyín rẹ̀, ṣé ó dà mọ́jú? Ṣé ara rẹ̀ máa ń ní ojú ibi tó dúdú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ú? Ìyá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà jù lẹ́yìn ìbímọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lórí méjì tàbí mẹ́ta, ó yẹ kí wọ́n darí ọmọ náà sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò dídì ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ lè sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan wà, nítorí náà èsì kan tó dára kò tó láti pa ẹjọ́ náà tì. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan asipirín láti fi pa inú rírun, torí ńṣe ló máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sí i.

Bí ilé ṣe ń tọ́jú àìtó ẹ̀jẹ̀ láàárín wa náà yẹ fún àtúnṣe. A ó se póròpórò ọkà bàbà títí omi rẹ̀ á fi pọ́n, a ó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ onígò ní kẹ́mísì, bó bá sì le tán, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sí obìnrin náà lára, á padà sílé. Nígbà tó bá di oṣù kẹrin, á tún padà wá. Bí a ò bá mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde, tí a ò dí i, omi ni à ń pọn sínú ajádìí agbọ̀n. Ní ti agbo iju, ìbànújẹ́ rẹ̀ ni ọdún méjì mẹ́ta tí obìnrin á fi máa mu ún, tí pí-sí-fí rẹ̀ á fi máa lọ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kankan ti wo ibi tí iju náà wà.

Oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ náà kù wà, kò sì jìnnà sí wa. Utako Okamoto àti ọkọ rẹ̀ Shosuke, àwọn oníwádìí ará Jàpáánì, ló ṣàwárí tíránẹ́sámíkì ásíìdì ní bí 60 ọdún sẹ́yìn. Obìnrin ń lo mílígíráàmù 1,000 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, àwọn ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nìkan, kò sì sábà ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ oyún níní. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ tàbí lẹ́dọ̀fóró rí ò gbọdọ̀ lò ó, dókítà ló sì yẹ kó kọ ọ́. Oògùn kan náà yìí ni wọ́n fi ń gba ẹ̀mí àwọn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ là, lẹ́yìn ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, tí obìnrin tó lé ní 20,000 láti orílẹ̀-èdè 21 kópa nínú rẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ yàrá ìbímọ ti ní in nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Fún ẹni tó fẹ́ fètò sọ́mọ bíbí, lúùpù olóògùn wà, tí ó yàtọ̀ sí onírin bàbà: ó ń tú oògùn díẹ̀díẹ̀ sínú ilé ọmọ, lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́fà ó sì lè dín ẹ̀jẹ̀ náà kù tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ bí iju bá ti dí yàrá ilé ọmọ, lúùpù náà lè jábọ́. Irin tí dókítà kọ, tábúlẹ́ẹ̀tì kan lójúmọ́ tàbí ní ọjọ́ kan kọjá ọjọ́ kan, kí obìnrin má ṣe fi tíì tàbí mílíìkì gbé e mì, torí wọ́n máa ń dí i lọ́nà. Kó má sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó. Oṣù mẹ́ta sí i ló yẹ kó fi lò ó, kí ìpamọ́ tó ti ná tán lè kún padà.

Ìgbà kan wà tí kò sí àyè ìṣirò. Obìnrin tó ń rin páàdì kan ní wákàtí kan, fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí òòyì ń kọ́, tí kò rí èémí mí dáadáa lórí ìjókòó, tàbí tó ṣeé ṣe kó lóyún, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ òru.

Ìwé ìròyìn yìí ń bèèrè nǹkan mẹ́ta. Ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí nọ́ọ̀sì tó ń wọn ìfúnpá gbogbo obìnrin fi ìbéèrè kan kún un: “Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù yín ńkọ́, wákàtí mélòó ni ẹ fi ń lo páàdì kan?” Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá fi hàn pé ó pọ̀, kí wọ́n wo pí-sí-fí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní bébà ìṣirò kan lọ sílé. Kí ìjọba jẹ́ kí oògùn tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ìbímọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù náà. Ní ilé ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ tí ọmọbìnrin tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ kó jáde láìbi í léèrè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bó bá sì ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kì í wá fún ọjọ́ méjì lóṣooṣù, kó pe ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ aránṣọ. Wọ́n fún un ní irin àti tíránẹ́sámíkì fún oṣù mẹ́ta kí ara rẹ̀ lè gbà á, lẹ́yìn náà wọ́n yọ iju kékeré yẹn láti ojú ara. Èyí tó tóbi ṣì wà níbi tó wà, wọ́n ń ṣọ́ ọ pẹ̀lú sikáànì. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 54 láàárín ọjọ́ márùn-ún, pí-sí-fí rẹ̀ sì ti di 35. Nínú ìwé ìwọ̀n kan náà, ní ojú ewé tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ó ti fa ìlà mìíràn. Orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún 14, ló kọ sókè rẹ̀, ó sì ti kọ ìbéèrè méjì sábẹ́ rẹ̀ tí yóò bi ìyá tirẹ̀ nígbà tó bá délé lọ́jọ́ Àìkú: ṣé imú ẹ̀yin náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀, àti báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe rí nígbà tí ẹ bí mi.